Ojú ewé kan fún Alájì: bí a ṣe ń gé spẹ́ẹ̀kì sólà kúrú láìgé òótọ́ inú rẹ̀

*Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀ka mẹ́ńténànsì ni mo wà ní ọ́fíìsì wa ní Jábì, ní Àbújá níbí. Agbaṣẹ́ṣe kan fi spẹ́ẹ̀kì sólà olójú ewé 64 ránṣẹ́ sí wa: ínfátà 10 kVA, bátìrì lítíọ́mù 4, pánẹ́ẹ̀lì 16. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé yóò gbé wa fún wákàtì 4 bí iná bá lọ. Alájì, olùdarí wa, kò ní kà á. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni wọ́n kọ́, ojú ewé kan péré ni wọ́n ní kí n mú wá kí wọ́n tó fọwọ́ sí owó náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá a padà. Wọ́n ní ti àkọ́kọ́ pọ̀ jù, wọ́n ní ti èkejì kò sọ nǹkan kan fún àwọn. Mo ti so àwọn ojú ewé tó ṣe kókó mọ́ lẹ́tà yìí, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ohun tí ọ́fíìsì wa ń lò. Kí ni kí n kọ, kí ni kí n fi sílẹ̀?*

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú wákàtì 4 yẹn, torí ibẹ̀ ni irú iṣẹ́ yìí ti sábà máa ń bà jẹ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ó wà nínú ojú ewé méjèèjì tí wọ́n dá padà fún yín, torí òun ni nọ́ńbà tó rọrùn jù láti gbé jáde. Ṣùgbọ́n ẹ padà sí abala 7.3 tí ẹ fi ránṣẹ́, kí ẹ kà á dópin. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé bátìrì yóò gbé lóòdù, ìyẹn gbogbo ohun tó ń jẹ iná lẹ́ẹ̀kan náà, fún wákàtì 4 bí lóòdù bá jẹ́ ìdajì agbára ínfátà, bí bátìrì bá ṣì jẹ́ tuntun, bí yàrá tó wà bá jẹ́ 25°C, bí a bá sì lo ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà nínú bátìrì náà. Nọ́ńbà kan, "bí" mẹ́rin.

Bí spẹ́ẹ̀kì ṣe máa ń rí nìyẹn. Ẹni tó kọ ọ́ kò parọ́, ó ti sọ gbogbo "bí" rẹ̀ síbẹ̀. Àwa tí a fẹ́ gé e kúrú la máa ń kọ́kọ́ ju "bí" nù, torí ó jọ àlàyé wẹ́wẹ́. Nọ́ńbà á wá dá dúró ní òun nìkan, á sì sọ ohun tí kò sọ rí. Alájì á rí "wákàtì 4", ohun tí wọ́n á sì gbọ́ ni pé gbogbo ọ́fíìsì, tòun ti éésì yàrá ìpàdé, yóò máa ṣiṣẹ́ lọ fún wákàtì 4 gbáko. Wọn ò jẹ̀bi. Ohun tí a kọ fún wọn nìyẹn.

Ó tún lè burú jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Àbújá. Àwọn oníbàárà Báńdì A, tí owó iná wọn lọ sókè ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ni wọ́n ṣèlérí ó kéré tán wákàtì 20 lójúmọ́ fún. Bí ọ́fíìsì yín bá wà lórí Báńdì A, oníṣirò ni Alájì, wọ́n á yọ 20 kúrò nínú 24, á ku 4, wọ́n á sì ní bátìrì náà ṣe rẹ́gí. Ìpinnu tó dára lójú, tó dúró lórí nọ́ńbà tí a gé "bí" rẹ̀ kúrò.

Nítorí náà, kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ mú pépà kékeré kan, kí ẹ kọ ìbéèrè tí ìfọwọ́sí Alájì ń dáhùn. Kì í ṣe "ṣé sólà dára?" Ìyẹn ti kọjá. Ohun tó wà níwájú wọn ni: ṣé kí n san owó yìí fún agbaṣẹ́ṣe yìí báyìí, fún ohun tó kọ yìí, àbí kí n ní kó lọ tún un ṣe? Ohunkóhun nínú ojú ewé 64 tí kò lè yí ìdáhùn yẹn padà kò ní nǹkan í ṣe lórí ojú ewé wọn. Bí wáyà ṣe nípọn tó, irú bọ́ọ̀tù tí wọ́n máa fi de pánẹ́ẹ̀lì, irin tí férémù jẹ́: ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ yẹ ìwọ̀nyẹn wò fínnífínní, ẹ sì gbọ́dọ̀ dá a dúró bí kò bá tọ́. Bí ó bá tọ́, Alájì kò nílò rẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ní ti àkọ́kọ́ pọ̀ jù nìyẹn. Ó dà bí ẹni pé ti èkejì wá yọ gbogbo nọ́ńbà kúrò, ó sì fi "ìgbàlódé" àti "didára" rọ́pò wọn. Kò sí ẹni tó lè fi "ìgbàlódé" pinnu owó.

Báyìí, ẹ jẹ́ ká tún wákàtì 4 yẹn ṣírò pẹ̀lú "bí" ti ọ́fíìsì yín. Ẹ̀yin náà ló fi nọ́ńbà ránṣẹ́, èmi kàn ń tò ó ni. Láptọ́ọ̀pù 20 tó ń jẹ wáàtì 60 lọ́kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1,200. Gílóòbù 30 tó jẹ́ wáàtì 12 jẹ́ 360. Ẹ kọ 600 fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, fíríìjì, ráútà àti kámẹ́rà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ wáàtì 2,160. Éésì 4, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ nǹkan bí 1,200 nígbà tí kọ̀mpírẹ́sọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, jẹ́ 4,800. Ẹ pa á pọ̀, ó jẹ́ 6,960. Ká pè é ní kílówáàtì 7.

Bátìrì kan jẹ́ fóòtì 51.2 àti 100 Ah, ìyẹn 5.12 kWh: ó lè gbé kílówáàtì 5.12 fún wákàtì kan. Mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 20.48. Bí a bá lo ìdá 80, ó ku 16.4. Ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ díẹ̀ nígbà tó bá ń sọ iná bátìrì di iná ilé. Spẹ́ẹ̀kì yín sọ pé ìdá 93 ló ń jáde, nítorí náà ohun tó dé ọ̀dọ̀ yín jẹ́ nǹkan bí 15.2. Ẹ pín in sí 7: wákàtì 2 àti ìṣẹ́jú 10. Bí ẹ bá pa éésì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ pín in sí 2.16: wákàtì 7.

```
4 x 5.12 kWh = 20.48 kWh
20.48 x 0.80 x 0.93 = 15.2 kWh
15.2 / 7.0 kW  = 2.2 h
15.2 / 2.16 kW = 7.0 h
```

Ibo wá ni 4 ti wá? Lára ínfátà ni wọ́n kọ 10 kVA sí, ṣùgbọ́n abala 5 sọ pé kílówáàtì 8 ni agbára rẹ̀ gan-an. Ìdajì 8 jẹ́ 4. Ẹ fi 4 pín 16.4, ẹ ó rí wákàtì 4 àti ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìdajì lóòdù ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀, wọn ò sì yọ ohun tí ínfátà ń jẹ kúrò. Mo ní kí ẹ máa tọ nọ́ńbà padà báyìí títí tí ẹ ó fi rí bí agbaṣẹ́ṣe ṣe dé ibẹ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹ ti mọ gbogbo "bí" tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i lẹ́yìn ìgbìyànjú tòótọ́, ẹ pè é kó ṣàlàyé, kí ẹ má sì kọ nọ́ńbà náà síwájú Alájì títí tí yóò fi ṣe é.

"Bí" kan tún wà tí ẹnikẹ́ni ò kọ sí abala 7.3, ó sì ṣe ojúure sí agbaṣẹ́ṣe, nítorí náà ìwà òdodo ni kí a sọ ọ́. Wákàtì 2 tí mo ṣírò yẹn jẹ́ ti ìgbà tí oòrùn kò sí rárá: alẹ́, tàbí ọ̀sán tí òjò ṣú dùdù. Pánẹ́ẹ̀lì 16 tó jẹ́ wáàtì 550 jẹ́ 8,800 nínú ìwé, ṣùgbọ́n orí tábìlì àyẹ̀wò ni wọ́n ti wọn ìyẹn, níbi tí ara pánẹ́ẹ̀lì ti wà ní 25°C. Lórí páànù ní Jábì lọ́sàn-án oṣù kẹta, ara pánẹ́ẹ̀lì lè dé 65°C. Pánẹ́ẹ̀lì tó ń pàdánù ìdá 0.35 nínú ọgọ́rùn-ún lórí dígírì kan, bíi ti yín, yóò ti pàdánù ìdá 14 níbẹ̀. Ẹ fi eruku ọyẹ́ kún un, ẹ fi ohun tí ínfátà ń jẹ kún un, ẹ máa rí nǹkan bíi kílówáàtì 6 sí 6.5 nígbà tí oòrùn bá dúró gangan lókè orí, tí pánẹ́ẹ̀lì sì mọ́. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo lóòdù yín. Nítorí náà bí iná bá lọ ní agogo 12 ọ̀sán nínú oṣù kejì, iṣẹ́ díẹ̀ ni bátìrì yín máa ṣe. Bí ó bá lọ ní agogo 8 àárọ̀ nínú oṣù kẹjọ tí ìkùukùu bo gbogbo ojú ọ̀run, wákàtì 2 lẹ ní. Alájì gbọ́dọ̀ mọ méjèèjì.

Èwo ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí yín jù? Spẹ́ẹ̀kì kò lè dáhùn ìyẹn, ṣùgbọ́n ìwé tí ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀ yín ń kọ lè dáhùn rẹ̀. Ẹ mú ti oṣù 3 sẹ́yìn. Ẹ ka iye ọjọ́ tí iná lọ ju wákàtì 2 lọ láìdá padà, láàárín agogo 8 àárọ̀ sí agogo 4 ìrọ̀lẹ́. Ẹyọ nọ́ńbà yẹn wúlò fún Alájì ju ohun tó wà nínú ojú ewé 20 spẹ́ẹ̀kì lọ, torí òun ló máa sọ bóyá bátìrì 4 tó tàbí kò tó. Bó bá jẹ́ ọjọ́ 3 nínú oṣù 3, wọ́n lè ní kí ẹ máa tan jẹnẹrétọ̀ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ ọjọ́ 30, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀.

Ohun kejì tí ẹ gbọ́dọ̀ wá kiri ni ooru, ó sì fara pamọ́ sínú wárántì. Spẹ́ẹ̀kì yín kọ 6,000 ìgbà tí a lè lo bátìrì kó tán kí a sì tún kún un. Bí Alájì bá pín in sí 365, wọ́n á rí ọdún 16. Ẹ má kọ 6,000 yẹn fún wọn rárá. Nọ́ńbà àyẹ̀wò ni, ní 25°C, kò sì sí ẹni tó máa sanwó bí kò bá dé ibẹ̀. Wárántì ni kí ẹ kọ, torí òun ló sọ ẹni tí ìyà máa jẹ. Abala 9.4 ní ọdún 10. Ó wá ní "bí" kan tó wúwo: bí yàrá bátìrì kò bá gbóná ju 30°C lọ.

Ní Àbújá, ooru ìta máa ń kọjá 35°C lọ́sàn-án oṣù kẹta. Ní yàrá kékeré abẹ́ páànù tí kò ní fèrèsé, tí ínfátà fúnra rẹ̀ tún ń tú ooru jáde sínú rẹ̀, ó máa ń ju ti ìta lọ. Ẹ ra tẹmómítà olówó pọ́ọ́kú, kí ẹ gbé e kọ́ sí yàrá tí wọ́n ní bátìrì máa wà, níbi gíga tí bátìrì máa dúró sí. Ẹ kà á ní agogo 3 ọ̀sán fún ọjọ́ 3. Bó bá ń kọjá 30, wárántì ọdún 10 yín ti di bébà lásán láti ọjọ́ tí ẹ bá gbé bátìrì wọlé, àyàfi bí ẹnì kan bá sanwó éésì fún yàrá náà. Éésì yẹn kò sí nínú owó agbaṣẹ́ṣe. Kò sí nínú àkọsílẹ̀ lóòdù yín náà, bẹ́ẹ̀ sì ni tọ̀sán-tòru ni yóò máa ṣiṣẹ́.

Ibi tí irú owó bẹ́ẹ̀ máa ń fara pamọ́ sí nínú spẹ́ẹ̀kì kò ṣòro láti rí bí ẹ bá mọ ohun tí ẹ ń wá. Ẹ wá gbogbo gbólóhùn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tó túmọ̀ sí "oníbàárà ni yóò pèsè". Nínú ti yín mo rí mẹ́ta ní abala 11: yàrá bátìrì tí kò gbóná, àátì tó dára, àti òrùlé tó lè gbé pánẹ́ẹ̀lì. Pánẹ́ẹ̀lì tó tóbi tó báyìí wúwo tó kílò 28 ní ẹyọ kan. Mẹ́rìndínlógún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 450, kí a tó ka irin tí wọ́n máa gbé e lé. Bí òrùlé yín bá ti pẹ́, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ ilé gun òkè lọ wò ó. Ẹ tún ṣọ́ra fún ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "dandan ni kí agbaṣẹ́ṣe ṣe é" àti èyí tó túmọ̀ sí "ó dára kó ṣe é". Èyí àkọ́kọ́ lẹ lè fi mú un ní kóòtù. Ìkejì, ìmọ̀ràn ni. Mo ti rí i nínú àwọn ojú ewé tí ẹ fi ránṣẹ́ pé ohun tí yóò gba bátìrì yín lọ́wọ́ mànàmáná wà lábẹ́ "ó dára".

Ohun kẹta ni ohun tí a kò lè yí padà mọ́. Pánẹ́ẹ̀lì, a lè fi kún un lọ́la. Bátìrì náà, ó dà bíi pé a lè fi kún un, ṣùgbọ́n bátìrì tó ti lo ọdún 3 kì í gbé lóòdù dọ́gba pẹ̀lú tuntun tí ẹ bá so wọ́n pọ̀, bátìrì àti ínfátà sì gbọ́dọ̀ lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí wáyà. Bí irú bátìrì yẹn bá ti tán lọ́jà nígbà yẹn, ẹ lè wá rí i pé ínfátà kò dá tuntun mọ̀. Nítorí náà "ẹ jẹ́ ká ra 4 báyìí, ká ra 4 sí i lẹ́yìn" kò rọrùn bó ṣe ń dún. Ọ̀gá tó ń pinnu láìka ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ sábà máa ń yan èyí tó kéré pẹ̀lú èrò pé ilẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí. Bí ilẹ̀kùn bá máa tì, ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ sọ fún wọn.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, ojú ewé náà yóò rí báyìí. Ẹ ó fi nọ́ńbà tiyín kún ibi tó ṣófo.

> Sí Olùdarí: ìfọwọ́sí fún sólà ọ́fíìsì
>
> Ìmọ̀ràn mi: kí ẹ fọwọ́ sí i, bí agbaṣẹ́ṣe bá kọ̀wé gba ohun méjì tó wà nísàlẹ̀. Bí kò bá gbà, kí ẹ má tíì fọwọ́ sí i.
>
> Ohun tí owó yìí máa ṣe fún wa: bí iná bá lọ tí kò sí oòrùn, gbogbo ọ́fíìsì àti éésì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò ṣiṣẹ́ fún wákàtì 2. Bí a bá pa éésì, wákàtì 7. Lọ́sàn-án tí oòrùn mú dáadáa, pánẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ yóò gbé ọ̀pọ̀ jù lọ. Wákàtì 4 tí ẹ máa rí nínú ìwé agbaṣẹ́ṣe jẹ́ ti ìdajì lóòdù (abala 7.3).
>
> Ohun tí kò ní ṣe: kò ní gbé éésì karùn-ún. A ṣì nílò jẹnẹrétọ̀: láàárín oṣù 3 tó kọjá, ọjọ́ ___ ni iná lọ ju wákàtì 2 lọ lákòókò iṣẹ́.
>
> Owó tí kò sí nínú iye tí ẹ rí: éésì àti àtúnṣe yàrá bátìrì, kí wárántì ọdún 10 má baà bàjẹ́, ₦___. Àátì, ₦___. (abala 9.4 àti 11)
>
> Ohun méjì tí agbaṣẹ́ṣe gbọ́dọ̀ kọ̀wé gbà: (1) pé dandan ni kó fi ohun tó ń gba bátìrì lọ́wọ́ mànàmáná sí i, nínú iye kan náà, (2) pé láàárín oṣù 12 a lè ra bátìrì 4 sí i tó bá ínfátà yìí mu, ní iye tó kọ sílẹ̀ báyìí.
>
> Ọ̀nà mìíràn: kí a ra bátìrì 8 lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo ọ́fíìsì yóò ṣiṣẹ́ fún wákàtì 4 láìsí oòrùn. Àfikún owó, ₦___. Lẹ́yìn oṣù 12, a lè má rí ọ̀nà yìí tọ̀ mọ́.
>
> Ohun tí a kò tíì mọ̀: bóyá òrùlé lè gbé kílò 450. A ó mọ̀ ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ẹ wo bátìrì 8 yẹn. Mi ò kàn sọ 4 di 8 ni. Kílówáàtì 7 fún wákàtì 4 jẹ́ 28. Bátìrì 7 fún wa ní 26.7, kò tó. Mẹ́jọ fún wa ní 30.5. Bí Alájì bá béèrè pé "ṣé 6 ò lè ṣe é?", ẹ ó lè dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé wákàtì 3 àti ìṣẹ́jú 15 ni 6 máa gbé. Ẹ fi irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ sínú fáìlì yín, kí ẹ má gbé e sórí ojú ewé náà.

Ẹ ṣàkíyèsí pé mo kọ wákàtì 2, mi ò kọ wákàtì 2 àti ìṣẹ́jú 10. Ìṣẹ́jú 10 yẹn ń díbọ́n pé a mọ̀ ju bí a ṣe mọ̀ lọ. Bátìrì máa dàgbà, éésì lè jẹ iná ju bí a ṣe kọ ọ́ lọ, ẹnì kan á mú kẹ́tùlù wá. Ohun tí a máa rí gbà, ẹ máa gé e sísàlẹ̀. Ohun tí a máa san, ẹ máa gbé e sókè. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi ìlà kan kún un, ẹ sọ pé nígbà tí agbára bátìrì bá ti lọ sí ìdá 80 ti tuntun, wákàtì 2 yẹn á ti di nǹkan bíi wákàtì 1 àti ìṣẹ́jú 45. Lójú tèmi, ó yẹ kó wà níbẹ̀ bí àyè bá gbà á.

Kò sí kWh kankan lórí ojú ewé náà, kò sì sí kVA. Wákàtì, éésì, náírà, ọjọ́: nǹkan tí Alájì lè fojú inú wò láìbi ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n mo fi nọ́ńbà abala sílẹ̀ sínú àkámọ́, torí ọdítọ̀ lè béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá lẹ́yìn ọdún 2, nígbà tí ẹ̀yin lè ti kúrò ní ẹ̀ka yẹn. Ẹ so ẹ̀dà abala 7.3, 9.4 àti 11 nìkan mọ́ ọn lẹ́yìn. Ẹ tún kọ nọ́ńbà ẹ̀dà spẹ́ẹ̀kì àti ọjọ́ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Agbaṣẹ́ṣe lè fi ẹ̀dà tuntun ránṣẹ́ ní ọ̀la tí bátìrì inú rẹ̀ ti yí padà, Alájì á sì ti fọwọ́ sí ohun tí kò sí mọ́.

Ìlà tó kẹ́yìn, ti ohun tí a kò tíì mọ̀, ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bẹ̀rù láti kọ, torí wọ́n rò pé yóò jẹ́ kí ọ̀gá rí àwọn bí ẹni tí kò mọ iṣẹ́. Ẹ kọ ọ́, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ máa mọ̀ sí i. Bí ọ̀rọ̀ òrùlé bá wá bẹ́ jáde lẹ́yìn tí owó ti lọ, ojú ewé yín ni wọ́n máa kọ́kọ́ fà yọ.

Kí ẹ tó mú un lọ, ẹ fún ẹnì kan ní ẹ̀ka akáǹtì, ẹni tí kò tíì gbọ́ nípa sólà yìí rí. Ẹ jẹ́ kó kà á lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ wá bi í ní nǹkan mẹ́ta: bí iná bá lọ lálẹ́ tí gbogbo éésì wà ní títàn, wákàtì mélòó la ní? Owó wo la tún máa san lẹ́yìn èyí? Kí ni a ò ní lè ṣe mọ́ bí a bá fọwọ́ sí i báyìí? Bí ó bá sọ pé wákàtì 4, ìlà tí mo ti mẹ́nu kan ìwé agbaṣẹ́ṣe ló ṣì í lọ́nà, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀, kí ẹ fi sí ìsàlẹ̀. Ìlà yòówù kó ṣi í lọ́nà, ẹ tún un kọ, ẹ má ṣàlàyé rẹ̀ fún un lẹ́nu. Kí ẹ sì gbé ẹ̀dà tuntun náà fún ẹlòmíì, torí ẹni àkọ́kọ́ ti mọ ìdáhùn báyìí.